Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ohun tó wà nínú ìgò màmá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ gbààwẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn màmá wa ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn bí ẹni tó ń gúnyán. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kíá la ti yí i ká, ariwo "ẹ̀jẹ̀ Jésù" gba gbogbo gbọ̀ngán, èmi gan-an ni mo sì da òróró sí i lórí. Nọ́ọ̀sì wa tó ti fẹ̀yìntì ló tì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gún màmá níka, tó fi ẹ̀rọ kékeré wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. 41 ló kọ. Bí irú ẹ̀rọ yẹn bá ti kọ ohun tí kò tó 70, ṣúgà ti wálẹ̀ jù nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bá màmá jà. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò rí ṣúgà lò.

Nítorí pé ó ṣì lè gbé nǹkan mì, ṣíbí tíì mẹ́rin ṣúgà ni wọ́n pò sínú omi fún un. (Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu o, ọsíbítù ni kí ẹ gbé e lọ.) Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí màmá fi béèrè ta ló da òróró sí gèlè òun. Àwa ti fẹ́ máa kọrin ọpẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ká gbé e lọ sí ọsíbítù síbẹ̀, torí pé oògùn àtọ̀gbẹ tó ń lò, gilibẹnkilamáìdì tí ẹ̀yin mọ̀ sí Dáónílì, máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà. Ṣúgà lè gòkè báyìí kó tún já lulẹ̀ lóru.

Màmá ti gbà mí láàyè láti sọ ìyókù, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀.

Láti nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ó ti ń fún ewúro tútù, tí ó ń mu ife kan láràárọ̀ mọ́ Dáónílì rẹ̀. Bí ọjọ́ kílínìkì bá ku mẹ́rin, á dá ewúro dúró, kí dókítà má baà bú u. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìyẹn fà. Lọ́jọ́ kílínìkì, ara tí kò rí ewúro fún ọjọ́ mẹ́rin ni dókítà ń yẹ̀ wò. Ṣúgà rẹ̀ kó tó jẹun láàárọ̀ jẹ́ 212, bẹ́ẹ̀ wọn kò fẹ́ kó kọjá nǹkan bí 130. Dókítà rò pé oògùn kò ká a, ó sọ ọ́ di méjì, láti mílígíráàmù 5 sí 10. Màmá délé, ó lo oògùn méjì, ó sì padà sídìí ewúro. Ààwẹ̀ wa wá wọlé dé lé e. Dókítà ò ṣìṣe o, ẹlòmíràn ni wọ́n kàn mú wá fún un láti tọ́jú.

Mo bi màmá pé ṣé wọn kò béèrè bóyá ó ń lo nǹkan mìíràn ni. Ó ní wọ́n béèrè. "Wọ́n ní ṣé mò ń lo oògùn mìíràn. Pásítọ̀, ewúro kì í ṣoògùn, ọbẹ̀ ni." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewúro ọbẹ̀ ti gba fífọ̀ títí kíkorò rẹ̀ fi lọ. Omi tútù rẹ̀ ló ń fa ṣúgà wálẹ̀, kíkorò ewé tòní kì í sì í ṣe ti àná, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ ìwọ̀n tó wà nínú ife kan.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Màmá tún ní ìgò kan tó rà ní Ọjà Owódé níbí ní Ọ̀fà. Mo mú ìgò náà, mo lọ bá ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tó tà á. Ó tú u, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀jìnrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀." Ẹ̀jìnrìn náà ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń fa ìtàkùn kan ṣoṣo lára màmá, màmá kò sì mọ ìkẹta. Ká ní ó fẹ́ sòótọ́ fún dókítà pàápàá, kò ní mọ ohun tí yóò sọ. Ìyá ẹlẹ́wé nìkan ló mọ̀ ọ́n, òun náà kò sì mọ̀ pé màmá ń lo Dáónílì. Ó ní, "Òùngbẹ tó ń gbẹ wọ́n àti ìtọ̀ òru ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fi káàdì ọsíbítù hàn mí rí." Mo ní kó máa sọ ohun tó wà nínú àgbo rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á. Ó fajú ro, ó ní àṣírí ilé baba òun ni. Mo ní bí ó ṣe ń sè é àti ohun tó ń sọ sí i lè jẹ́ àṣírí rẹ̀, orúkọ ewé ni kó sọ. Ó rò ó díẹ̀, ó gbà.

Ẹ rántí ìkòkò àwọn ọmọ wòlíì nínú 2 Àwọn Ọba 4. Ẹnìkan já èso ìgbẹ́ tí wọn kò mọ̀, ó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló kígbe sí Èlíṣà pé ikú ń bẹ nínú ìkòkò. Wọn kò dákẹ́ kí èèyàn Ọlọ́run má baà bínú. Èlíṣà náà kò sì bú ẹni tó já a. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, ẹ gbọ́ apá yẹn dáadáa. Ohùn tí ẹ fi ń béèrè pé "Ṣé kì í ṣe àgbo lẹ tún lọ ń mu?" ló ń kọ́ àwọn màmá wa ní irọ́.

Ohun tí mo bá màmá kọ sínú ìwé nìyí kó tó padà lọ: "Dókítà, yàtọ̀ sí oògùn yín, mò ń mu omi ewúro, ife kan láàárọ̀, ó ti tó oṣù márùn-ún. Mò ń mu àgbo ẹ̀jìnrìn láti inú ìgò yìí, ìlàjì ife lálẹ́, omi ògì ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Àná ni mo mu wọ́n kẹ́yìn." Ẹni tí wọ́n fi ọtí rẹ tirẹ̀ fún, kó sọ bẹ́ẹ̀, ọtí náà lè bá oògùn jà. Kí ẹ má sì ṣe dá a dúró kí ẹ tó lọ torí kí àyẹ̀wò lè dára. Ẹ lọ bí ẹ ṣe wà nílé.

A mú ewé méjèèjì dání pẹ̀lú ìgò, torí pé orúkọ ewé kì í kọjá odò. Àgùnbánirọ̀ ni dókítà, ọmọ Ìgbò. Kò mọ ewúro, àfi ìgbà tó já a lẹ́nu wò tó rẹ́rìn-ín: onúgbù ìyá rẹ̀ ni. Ó yọ Dáónílì kúrò, ó ní kò yẹ ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó fún un ní mẹtifọ́míìnì, ó ní kó jẹ ewúro nínú ọbẹ̀ bó ṣe wù ú ṣùgbọ́n kó fi omi rẹ̀ àti ìgò náà sílẹ̀, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá fa káàdì mọ́ra, ó bi màmá pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ẹ̀jìnrìn.