Àjẹ́ àná kọ́ ló pa ọmọ òní

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí rírìn àti àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Òǹkọ̀wé náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ò jẹ́ kí n sùn: "Ìrìn ojoojúmọ́ ń dènà àrùn ìgbàgbé." Ìwádìí tó gbé e lé, àwọn èèyàn ni wọ́n kàn ń ṣọ́ fún ọdún mélòó kan. Ẹni tó ń rìn ń rìn, ẹni tó jókòó jókòó, kò sí ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Àwọn àgbà wa ti ní òwe fún irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ohun méjì rìn pọ̀, a sì ti mú ọ̀daràn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀ràn kan tó kọ́ àwọn oníṣègùn lọ́gbọ́n. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1976, àwọn olùwádìí ń tọpasẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin tó lé ní 120,000. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, àwọn tó ń lo oògùn họ́mọ̀nù kì í sábà ní àrùn ọkàn: tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àwọn tí kò lò ó. Àwọn olùwádìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Wọ́n ro ti ọjọ́ orí mọ́ ọn, wọ́n ro ti sìgá mímu mọ́ ọn, ìyàtọ̀ náà ò lọ. Ọ̀pọ̀ dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oògùn náà fún obìnrin kí ọkàn wọn má baà ṣàìsàn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe ìdánwò gidi. Wọ́n kó obìnrin 16,608 jọ, wọ́n sì ṣẹ́ gègé lé wọn lórí: àwọn kan gba họ́mọ̀nù, àwọn yòókù gba oògùn tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Ní oṣù keje ọdún 2002, wọ́n dá a dúró kó tó pé. Nínú obìnrin 10,000 lọ́dún kan, bíi 30 ló ní àrùn ọkàn lára àwọn tí kò gba họ́mọ̀nù; lára àwọn tó gbà á, 37. Oògùn tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ọkàn!

Kí ló wá fa ìyàtọ̀ ti àkọ́kọ́? Ẹ wo ẹni tó ń gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Obìnrin tó máa ń lọ rí dókítà ni, tó sábà máa ń lówó lọ́wọ́, tí kì í sì sanra jù. Bí ara rẹ̀ bá ń ṣe ségesège, dókítà lè má fún un mọ́. Ìlera ló ṣáájú oògùn. Ohun tí olùwádìí bá wọ̀n nìkan ló lè rò mọ́ ìṣirò. Èyí tí kò wọ̀n ṣì wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ gègé kò mọ olówó, kò mọ aláìsàn. Òun ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjèèjì bára dọ́gba kí oògùn tó wọ ọ̀rọ̀ náà.

Mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́: ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn obìnrin inú ìdánwò ti tó ẹni ọdún 63 ní ìpíndọ́gba, nígbà tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ oògùn kété tí nǹkan oṣù wọn dúró. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ọjọ́ orí ṣe kópa tó. Èmi ò sì sọ pé ìwádìí àkíyèsí kò wúlò. Òun ni wọ́n fi ká sìgá mọ́ ìdí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ẹ̀rí oríṣiríṣi ni wọ́n tò lé ara wọn kó tó dúró.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìrìn. Bí a bá fi "lè" sí i, pé ìrìn lè dènà àrùn náà, ìrìn náà la ṣì ń fi ṣe okùnfà. Ohùn wa nìkan la rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni ẹni tí a fi ṣe olùṣe. "Ìrìn dín ewu kù" ń sọ pé ìrìn ṣiṣẹ́. "Àrùn náà kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń rìn" ń sọ ohun tí wọ́n rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àrùn yìí gan-an, ọ̀rọ̀ náà lè yí padà sẹ́yìn, torí ọpọlọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí dókítà tó dá àrùn náà mọ̀, ẹni tó ń ṣe sì lè ti dín ìrìn kù láìmọ ìdí.

Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí: "Àwọn olùwádìí tó ń tọpasẹ̀ àwọn àgbàlagbà rí i pé àrùn ìgbàgbé kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń rìn lójoojúmọ́. Ó lè jẹ́ pé ìrìn ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn tí àrùn náà ti ń mú bọ̀ ni kò lè rìn mọ́." Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀. Àyè wà fún un nínú ìwé yín.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan tó ń máàkì àròkọ akẹ́kọ̀ọ́