Ìlà kan ló kù kí a tó tẹ pósítà: ìpè sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí kọ́ńsáàtì omi

Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ sẹ́yìn odi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ìgbìmọ̀ kọ́ńsáàtì ló ní kí n kọ ìwé yìí sí yín. A ti kọ ọ̀rọ̀ pósítà tán, àfi ìlà kan tó kù nísàlẹ̀. Ọwọ́ yín ni ìlà yẹn wà, òun ni mo sì ń bá bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka èyí tó ti délẹ̀ sí yín létí:

Ẹ WÁ BÁ WA GBẸ́ KÀNGA!

Ẹgbẹ́ ọmọ àdúgbò wa ń pè yín síbi kọ́ńsáàtì, kí a lè fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò.

Sátidé, ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2026.

Gbọ̀ngàn Mápó, Ìbàdàn. Ẹ gba Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba wá.

Ilẹ̀kùn yóò ṣí ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ìlù yóò dún ní aago mẹ́rin. A ó dá ìlù dúró kí a lè kí ìrun Màgáríbì.

Dùndún, àpàlà àti fújì, láti ọwọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa.

Tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kan: ₦3,000. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá: ₦100,000.

Ìbàdàn mèsì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé! Onílé, ẹ máa bọ̀. Ayálégbé tí ẹ ń bá wa to kẹ́ẹ̀gì sídìí kànga, ẹ máa bọ̀. Àlejò tó ń kọjá lọ, ẹ yà. Ẹ kó ìyá, ẹ kó ọmọ, ẹ wọ aṣọ tó wù yín. Àga yín ti wà nílẹ̀.

Ibẹ̀ ni a dúró sí.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí a kò fi àwòrán àwọn àgbà ẹgbẹ́ sí i. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidi, ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tó jókòó sínú míkírà tó ń sáré kọjá ní Bẹẹrẹ. Kò ní ju bí ẹni ṣẹ́jú lọ tí yóò fi rí pósítà lára ògiri. Bí ojú mẹ́jọ bá kún inú rẹ̀, ojú ni yóò rí, kò ní rí omi, kò ní rí ọjọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí “Ẹ wá bá wa gbẹ́ kànga” àti “Sátidé, ọjọ́ 5” tóbi ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ. A sì kọ orúkọ ọjọ́ mọ́ nọ́ńbà nítorí pé Sátidé lẹni tó fẹ́ lọ òde máa ń bi ara rẹ̀ léèrè, kì í bi ara rẹ̀ nípa ọjọ́ karùn-ún.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ni a mú, torí owó oṣù á ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà náà, ìnáwó Kérésìmesì kò sì tí ì gbé e. Òjò á ti lọ. Ọ̀ràn ìrun Màgáríbì pẹ̀lú, ẹ má ṣe jẹ́ kí atẹ̀wé yọ ọ́ pé ààyè kò sí. Bí i aago mẹ́fà ààbọ̀ ni oòrùn máa ń wọ̀ lásìkò yẹn, orin á sì ń lọ lọ́wọ́. Mùsùlùmí tó bá kà á á mọ̀ pé a ro tòun mọ́ ọn, kò ní máa wo aago kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ti iṣẹ́ tí owó náà wà fún, ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó. Kọ́ńsáàtì tí a ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, “fún ìdàgbàsókè àdúgbò” ni a kọ sí pósítà rẹ̀. Èmi gan-an wà nínú àwọn tó kọ ọ́. Èrò wá, wọ́n jó, owó tíkẹ́ẹ̀tì lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Nígbà tí a sanwó olórin, owó gbọ̀ngàn, owó àga àti owó jẹnẹrétọ̀ tán, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́sàn-án péré ló ṣẹ́kù, ₦170,000. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kejì, ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa mú pósítà náà jáde lábẹ́ ẹní rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó ní, “Ọmọ mi, ìdàgbàsókè tí mo sanwó rẹ̀, apá ibo ni ẹ gbé e sí? Kí n lọ wò ó.” Mi ò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ènìyàn lè lọ fojú rí ló yẹ kí pósítà ṣèlérí. Kànga ẹ̀rọ kan, ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Bí a kò bá ṣe é, gbogbo ayé ni yóò rí i pé kò sí níbẹ̀.

Kànga kan ni a kọ, a kò kọ méjì. Ẹ̀yin náà mọ bí kànga ilé wa ṣe máa ń gbẹ láti oṣù Kìíní títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn. Omi kì í gbénú àpáta tó le; ibi tí àpáta bá ti jẹrà tàbí tó ti sán ni ó máa ń fara pamọ́ sí. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó dé, àwọn tó ń wá omi á kọ́kọ́ kan irin mọ́lẹ̀, wọ́n á rán iná mànàmáná díẹ̀ sínú ilẹ̀, wọ́n á sì wo bí ilẹ̀ ṣe gbà á. Àpáta líle kì í fẹ́ kí iná gba inú òun kọjá, ṣùgbọ́n ibi tó bá lómi máa ń gbà á. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí nítorí owó lè gbẹ́ ilẹ̀ títí kó má kan omi, owó agbẹ́lẹ̀ á sì ti lọ. Àyẹ̀wò náà, gbígbẹ́, páìpù, pọ́ǹpù, táǹkì àti sólà tí yóò máa fa omi sókè, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦4,500,000 nínú ìdíyelé tí a gbà. Bí a bá ta tíkẹ́ẹ̀tì 600 àti tábìlì 27, ó pé géérégé. Tíkẹ́ẹ̀tì á mú ₦1,800,000 wá, tábìlì á mú ₦2,700,000 wá.

Ibẹ̀ ni ìlà tó ṣófo ti wọlé. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ kọ síbẹ̀ ni: “Gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò lọ sí ìdí kànga.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni bí a bá ń yọ owó olórin nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Kó tó lè jẹ́ òótọ́, ìnáwó kọ́ńsáàtì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wá, kí a sì ti san án kí tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó tà. Olórin àti onílù yóò gba ₦600,000, gbọ̀ngàn àti àga ₦450,000, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti jẹnẹrétọ̀ ₦350,000. Ìwé títẹ̀ jẹ́ ₦100,000, àwọn ẹ̀ṣọ́ àti àwọn tí yóò gbálẹ̀ yóò gba ₦100,000 yòókù. Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà ni. Ọgọ́jọ ni àwa tí orúkọ wa wà nínú ìwé ẹgbẹ́. ₦10,000 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san án kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá tó kọjá, nítorí Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá, ni pósítà ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò fi wà lára ògiri. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tó o lẹ́ẹ̀kan, kó san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run bùkún fún, kó bá ẹni tí kò rí ṣe san tirẹ̀. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ san án sí, nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn káàdì ọmọ ẹgbẹ́ yín. Ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí èmi tàbí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀, bó ti wù kó rọrùn tó. Ẹ kọ orúkọ yín àti agbo ilé yín sí i kí akápò lè mọ ẹni tó san.

Ohun méjì kékeré ló kù. Wọ́n ń bi mí nípa owó tí a máa ń ná mọ́ onílù lórí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì, ni ó wà nínú rẹ̀, a sì ti rí ẹni tó lọ ẹ̀wọ̀n lórí rẹ̀ ní 2024. A ó gbé àpótí síwájú ìtàgé. Bí onígángan bá ki yín tí orí yín wú, ẹ jó dé ìdí àpótí, kí ẹ ju owó sínú rẹ̀. A ti bá àwọn onílù sọ ọ́, wọ́n gbà pé owó àpótí jẹ́ ti omi, nítorí a ti san tiwọn.

Èkejì ni àmì ohùn. Lọ́jọ́sí, ẹ̀rọ atẹ̀wé gbé gbogbo àmì orí àti àmì ìdí jẹ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, “gbẹ́ kànga” lè di “gbẹ kànga” tàbí “gbé kànga”, ìpè tó yẹ kó mú omi wá á wá dà bí ẹni pé a fẹ́ kí kànga gbẹ tàbí kí a gbé e lọ. A ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan ṣoṣo, èmi àti akọ̀wé obìnrin wa yóò kà á sókè níwájú atẹ̀wé kí a tó san owó ìyókù.

Bí ₦1,600,000 bá pé lọ́jọ́ 31, “Gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò lọ sí ìdí kànga” ni a ó kọ. Bí kò bá pé, “Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó ni yóò lọ sí ìdí kànga” ni a ó kọ, nítorí pé n kò ní tẹ irọ́ fún ìyá àgbà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Akápò yóò ka orúkọ àwọn tó ti san ní ìpàdé oṣù yìí, èmi yóò sì mú pósítà náà dání wá.