Lẹ́tà sí Àkànní lórí owó ilẹ̀ Mọ́wé

Àkànní ọkọ mi,

Mo gbọ́ fóìsì tó o fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ torí ariwo jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn rẹ. Ó dùn mọ́ mi pé mílíọ̀nù 6 ti pé. O ní mílíọ̀nù 4 lo máa kọ́kọ́ san fáwọn onílẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá, mílíọ̀nù 2 tó kù di ìgbà tí sọ̀fíyọ̀ bá gbé ìwé rẹ̀ jáde, àti pé o fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sí fíkísìdì dìpọ́sítì torí ọ̀rẹ́ rẹ ní báńkì òun ń fún òun ní pásẹ́ǹtì 18. Jọ̀ọ́ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi owó méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ o, ọ̀kan mọ ọjọ́ tó máa jáde, èkejì ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó mọ ọjọ́. Mílíọ̀nù 4 yẹn, tó o bá fi sí fíkísìdì ọjọ́ 90 lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án yìí, ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ló máa pé, ìyẹn ọjọ́ mẹ́fà kó o tó sanwó, àyè wà tí nǹkan bá fẹ́ dojú rú. Àmọ́ má rò pé pásẹ́ǹtì 18 lo máa gbà lórí mílíọ̀nù 4 láàárín oṣù mẹ́ta, ti ọdún kan gbáko ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣírò ẹ̀ báyìí: pásẹ́ǹtì 18 lórí mílíọ̀nù 4 jẹ́ 720,000, ìyẹn fún ọjọ́ 365, tó o bá mú ọjọ́ 90 nínú ẹ̀ ó máa di nǹkan bíi 177,500. Báńkì á tún yọ owó orí, pásẹ́ǹtì 10 lórí èlé yẹn (èlé nìkan o, wọn ò kan owó tó o fi síbẹ̀), ohun tó máa wọ akáǹtì rẹ á kù díẹ̀ kó tó 160,000. Kò burú, ó tó nǹkan tó o lè fi san owó ìwé tàbí apá kan owó sọ̀fíyọ̀. Tí báńkì bá wá sọ iye kan fún ẹ, bi wọ́n pé ṣé kí wọ́n tó yọ owó orí ni àbí lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́.

Fíkísìdì dáa níbi tí iye èlé ẹ̀ ò ní yí padà títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé. Kódà tí Báńkì Àpapọ̀ bá gé èlé, bíi ìgbà tí wọ́n gé e láti 27.5 sí 27 lóṣù Kẹsàn-án 2025, ti ẹni tó ti sáìnì fíkísìdì ò yẹ̀. Àti pé NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó oníbàárà báńkì, ló ń dúró tì í, látọdún 2024 ni wọ́n ti sọ ààbò owó oníbàárà nílé ìfowópamọ́ ńlá di mílíọ̀nù 5, mílíọ̀nù 4 rẹ wọlé dáadáa sábẹ́ ẹ̀. Ti mílíọ̀nù 6 nínú báńkì kan ṣoṣo ló máa yọ síta, nítorí gbogbo owó tó o ní nínú báńkì yẹn ni wọ́n máa pa pọ̀, séfíǹsì àti fíkísìdì. Máíkírófáínánsì ní tiẹ̀, mílíọ̀nù 2 ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èlé tó ga ju tẹlòmíì lọ fà ẹ́ lọ síbẹ̀ láìrò ó.

Ibi tó ti ń dun èèyàn ni kéèyàn fẹ́ yọ ọ́ kó tó pé. Mo rántí fírísà ńlá tí mo fẹ́ rà fún ṣọ́ọ̀bù, mo ti fi owó ẹ̀ sí fíkísìdì ọjọ́ 90 torí ẹni tó ń tà á ní ọjà ò tíì dé, àfi lọ́jọ́ kọkànlélọ́gọ́ta tó pè mí pé ọjà ti dé, ẹni méjì ló sì ti ń béèrè ẹ̀. Mo sáré lọ sí báńkì, wọ́n dá owó mi padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èlé ọjọ́ 61 tí mo ti ń kà sọ́kàn, díẹ̀ bíńtín ni mo rí nínú ẹ̀. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí mo sáìnì, èmi tí mo jókòó sí kàúńtà báńkì fún ọdún 19 ni mi ò kà á. Ìdí nìyí tí mílíọ̀nù 2 ti sọ̀fíyọ̀ ò fi yẹ ní fíkísìdì: o mọ bí ọ̀rọ̀ sọ̀fíyọ̀ ṣe máa ń rí, ó lè ṣe tán lọ́sẹ̀ mẹ́fà, ó sì lè di ọdún tó ń bọ̀.

Mílíọ̀nù 2 yẹn, mọ́nì mákẹ́ẹ̀tì fọ́ndù ni kó o fi sí. Kì í ṣe báńkì, owó ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n kó jọ, àwọn tó ń darí ẹ̀ á fi ra trẹ́ṣọ́rì bíìlì, ìyẹn gbèsè kúkúrú tí ìjọba ń jẹ, wọ́n á fi díẹ̀ sí báńkì, wọ́n á fi díẹ̀ ra kọmáṣà pépà, ìyẹn gbèsè kúkúrú tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń jẹ. Ojoojúmọ́ ni èlé ń wọlé síbẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n dè é mọ́, ìgbà tó bá wù ẹ́ lo lè ní kí wọ́n san án. Ṣùgbọ́n iye tó o rí lójú áàpù lónìí lè má jẹ́ tọ̀la, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ẹ̀. NDIC ò sì bò ó, ohun tó ń ṣọ́ ẹ ni pé ilé iṣẹ́ míì ló ń tọ́jú ìwé owó yẹn, kì í ṣe ẹni tó ń darí fọ́ndù náà, àti pé SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó irú fọ́ndù yìí, ló fún wọn ní ìwé àṣẹ. Lọ wo orúkọ fọ́ndù yẹn lórí ìkànnì SEC fúnra rẹ, má gba àwòrán ojú fóònù tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ohun méjì ló máa ń mú àwọn èèyàn lójijì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ fọ́ndù máa ń gé lára èrè ẹni tó bá yọwó kí ọjọ́ 30 tó pé, nítorí náà fi síbẹ̀ ní kíákíá kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ti kọjá kí sọ̀fíyọ̀ tó pè. Èkejì, owó kì í dé lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ọjọ́ iṣẹ́ kan, ó lè gba mẹ́ta, àwọn míì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ Sọ́ńdè àti họ́lídé ò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó béèrè lálẹ́ Fráìdè lè má rí i títí di Wẹ́sídè. Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé tí ọjọ́ 30 bá ti kọjá, màá yọ 20,000 péré, màá ka iye ọjọ́ tó fi dé akáǹtì mi. Ìgbà yẹn lo máa mọ̀ tí orúkọ rẹ lórí fọ́ndù ò bá bá ti BVN rẹ mu, o máa mọ̀ ọ́n lórí 20,000, kì í ṣe lórí mílíọ̀nù 2 tí sọ̀fíyọ̀ ń dúró dè.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ fẹ́ràn áàpù, nítorí náà yẹ iye tí áàpù báńkì rẹ ń gbà kó o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan wò kí oṣù Kejìlá tó dé. Mílíọ̀nù 4 lè má gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, o máa ní láti lọ báńkì fúnra rẹ kí wọ́n gbé iye tí áàpù ń gbà yẹn sókè.

Ọ̀kan ṣì kù, rólóófà. Tó ò bá sọ nǹkan kan, àwọn báńkì míì á tún owó rẹ dè fún ọjọ́ 90 míì láàárọ̀ ọjọ́ tó bá pé. Mo rí oníbàárà kan tó sunkún níwájú mi nítorí ẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ ni. Tí fọ́ọ̀mù bá dé ọwọ́ rẹ, pè mí kó o tó sáìnì, kó o ka ibi tí wọ́n kọ rólóófà sí sétí mi.

Ìyá rẹ