Lórí ₦150,000 tí oníbátìrì fi lọ̀ ọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ka ohun tí oníbátìrì sólà yẹn kọ sí ọ fún mi lálẹ́ àná. Ó ní òun á san ₦150,000 bí o bá yin bátìrì òun lórí búlọ́ọ̀gù rẹ, pé òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ohun tí o bá kọ, kí o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ló sanwó. Mo mọ̀ pé owó ilé ti ń lé ọ. Síbẹ̀, gbọ́ tẹnu mi kí o tó dá a lóhùn.

Owó ìpolówó Google AdSense tí ò ń gbà kò mọ̀ ọ́, kì í sì í bi ọ́ ohun tí o kọ. Kíkéré ló kéré. Bí wọ́n bá ṣí ojú ewé rẹ nígbà 40,000 lóṣù, tí ẹgbẹ̀rún kan sì mú dọ́là kan wá, dọ́là 40 ni, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sanwó àfi tó bá pé 100. Oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀nà tó lè gbà tì ọ́ ṣìnà ni pé wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àkọlé tí èrò á fi ya wá.

Oníbátìrì ní tiẹ̀ mọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, oníṣòwò kan ń gba odindi ojú ìwé fún ìpolówó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n má kọ nípa ìyà tó fi ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ti ìròyìn náà sínú dúrọ́ọ̀. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, bí o bá máa gba owó rẹ̀, kọ ọ́ sókè pátápátá, ṣáájú gbólóhùn àkọ́kọ́, pé ó sanwó. Fi `rel="sponsored"` sára líǹkì rẹ̀, torí Google fẹ́ kí irú líǹkì bẹ́ẹ̀ ní àmì. Ó lè ka iṣẹ́ náà láti tún iye owó àti nọ́ńbà ṣe, kì í ṣe láti tún ìdájọ́ rẹ ṣe. Kó sì ti sanwó kó tó kà á: bí owó bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí inú rẹ̀ á fi dùn sí i, ọwọ́ rẹ̀ ni kálàmù wà. Bó bá ṣèlérí wákàtí mẹ́wàá, tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kú ní wákàtí karùn-ún, márùn-ún ni kí o kọ.

Bí kò bá gbà, jẹ́ kó máa lọ. Ìwé pẹlẹbẹ tí o ń kọ, lórí bí èèyàn ṣe ń ṣírò iná tí ilé rẹ̀ ń jẹ, tà á ní ₦3,000. Paystack, tó máa bá ọ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá rà á, á mú ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti ₦100, ìyẹn ₦145. ₦2,855 á kù sí ọ lọ́wọ́. Bí èèyàn 53 bá rà á, ₦151,315 ni. Torí pé o sọ òtítọ́ nípa bátìrì burúkú ni wọ́n á ṣe rà á.

Ṣùgbọ́n owó yìí náà ní okùn tirẹ̀. Má fi ohun tó ń dáàbò bo èèyàn pamọ́ sínú ìwé títà. Bí wáyà ṣe yẹ kó nípọn tó, àti fíúsì tó yẹ kó wà níbi bátìrì, ọ̀fẹ́ ni kó wà, níbi tí ẹni tí kò ní ₦3,000 ti lè rí i kí ilé rẹ̀ má bàa jóná.

Fi èsì tí o bá kọ sí oníbátìrì hàn mí kí o tó fi í ránṣẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ