Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ ya fídíò ilé ìkàwé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ọ̀rọ̀ fídíò tí o kọ láti fi wá owó ilé ìkàwé fún ilé-ìwé abúlé wa. O kú iṣẹ́, o kú làálàá. Jẹ́ kí n sọ ojú abẹ níkòó fún ọ: ibi tó dùn jù nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá lo fi í sí.

Òkè Èkìtì lo fi bẹ̀rẹ̀, o ní ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni wá, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé ń kí àwọn èèyàn pàtàkì. Kí ẹni tó ń wò ó lórí fóònù l'Ékòó tó mọ ohun tí à ń wá, yóò ti kọjá sí òmíràn. Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọmọbìnrin pírámárì 5 yẹn ni kó ṣíwájú. O ní ìwé ìtàn kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì wọn, àwọn ojú ewé tó gbẹ̀yìn ti ya dànù, àwọn ọmọ sì máa ń jiyàn lórí bí ìtàn náà ṣe parí. Háà, ìyẹn gan-an ni fídíò rẹ! Jẹ́ kó kà á sókè títí dé ibi tó ti ya, kó sì dákẹ́. Má fi orin bo ìdákẹ́ yẹn. Kí ọmọ mẹ́ta wá sọ ìparí tí kálukú rò, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń wò yóò rí i pé ọpọlọ àwọn ọmọ yìí pé, ìwé ni kò sí. Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni kó o tó fi yàrá òfìfo hàn. Tó bá ṣáájú, àánú nìkan ni wọ́n á ṣe, àánú kì í sì í pẹ́ lọ lójú èèyàn. Má ní kí ọmọ kankan sunkún. Gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí wọn kó o tó gbé kámẹ́rà, má sì dárúkọ wọn.

Ó wá ku owó. “Ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn” tí o kọ kò lè ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò mọ iye tó tó yóò ní òun ń bọ̀. Iye tí o kọ ránṣẹ́ sí mi ni pé ìwé kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀ láti Adó, jẹ́ 3,500 náírà. Ìwé 200 tí à ń wá jẹ́ 700,000. Káfíńtà ní ṣẹ́ẹ̀fù mẹ́rin jẹ́ 200,000, ṣùgbọ́n má da ìyẹn pọ̀ mọ́ ti fídíò; àwọn tó jáde nílé-ìwé náà ni kí a lọ bá fún un. Ohun kan ṣoṣo ni kí olùkọ́ wọn bẹ̀bẹ̀ fún: “Ẹ fi 3,500 náírà ra ìwé kan fún wa kí táàmù tuntun tó wọlé.” Kọ ọ́ sójú fídíò pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ló ń wò láìṣí ohùn. Orúkọ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni kó wà lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ rẹ.

Tún un kọ, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó lọ yà á. Bí òjò bá ṣú lọ́jọ́ náà, ẹ sún un síwájú: páànù kíláàsì yẹn kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohùn ọmọ náà.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.