Etíkun wa kò gùn sí i, ẹ yé tàn wá jẹ

Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, ń bí mi nínú. Ọ̀gá ìjọba kan ní etíkun Nàìjíríà kì í ṣe kìlómítà 853 tí wọ́n kọ́ wa mọ́, ó ti lé ní 3,000, nítorí náà ó yẹ kí omi òkun tó jẹ́ tiwa náà fẹ̀ sí i. Atọ́kùn ètò ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Iṣẹ́ wo?

Etíkun kò gùn sí i. Ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ló yí padà. Mo délé, mo ṣí átíláàsì ọmọ mi, mo ya ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì sí kìlómítà 100, mo sì mú un rìn láti Bàdágìrì lọ sí ẹnubodè Kamẹrúùnù. Ó fo ẹnu odò Forcados, Nun àti Bonny bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Mo sún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó wá ń wọ àwọn kọ̀rọ̀ tó fò tẹ́lẹ̀, àròpọ̀ sì ń ga. Bó ṣe rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn: ẹ fi ìgbésẹ̀ kìlómítà 100 wọn etíkun Bìrìtéènì, ẹ ó rí bíi 2,800, ẹ fi 50 wọ̀n ọ́n, ó di bíi 3,400. Benoit Mandelbrot, onímọ̀ ìṣirò, ti kọ èyí jáde láti 1967, lórí ohun tí Lewis Richardson, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, ti kíyè sí ṣáájú rẹ̀.

Ti omi òkun ni wọ́n tún bà jẹ́ jù. Òfin òkun àgbáyé ti 1982 kò bèèrè bí etíkun ṣe gùn tó. Láti ibi tí omi fà sẹ́yìn dé, bó ṣe wà lórí máàpù òkun tí ìjọba fọwọ́ sí, ni wọ́n ti ń ka máìlì òkun 12, bíi kìlómítà 22, fún omi tó wà lábẹ́ àṣẹ wa, àti 200, bíi kìlómítà 370, fún ẹja àti epo. Ní ẹnu odò, wọ́n á fa ìlà tààrà láti bèbè kan sí èkejì. Kọ̀rọ̀ tó wọnú igbó lọ kò lè ti ààlà náà síwájú rárá, torí ibi tí ilẹ̀ ti yọ sínú òkun jù ni wọ́n ń wò. Lápá ìlà-oòrùn, Kamẹrúùnù àti Equatorial Guinea ti dí wa lọ́nà kí 200 yẹn tó pé.

Mo tún un sọ: etíkun kò gùn sí i!

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí òfin má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan sọ iye kan láìsọ máàpù tí wọ́n lò, ìwọ̀n rẹ̀, ọdún tí wọ́n yà á, bí ìgbésẹ̀ wọn ṣe gùn tó, àti ibi tí wọ́n ti gé ẹnu odò kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ fi wá wé Gánà, ìgbésẹ̀ kan náà ni kí wọ́n fi wọn méjèèjì. Kí àwọn olùkọ́ náà yé fún ọmọ ní òdo nítorí 853. Àti atọ́kùn ètò yẹn, nígbà mìíràn, kó bi ọ̀gá pé: "Máàpù wo, sà?"

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá