Sí Àjọkẹ́, lórí lẹ́tà ìránnilétí kejì àti ìkẹta

Ebúté-Mẹ́tta, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Àjọkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka lẹ́tà méjèèjì tí o kọ sílẹ̀ fún ilé-ìwé tó jẹ ọ́ lówó ìwé àjákọ ní Yábàá. Ó dùn mí pé o ti ra bébà, o ti san owó àwọn tó bá ọ ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, owó tìrẹ sì ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti oṣù Kìn-ín-ní. Síbẹ̀, jọ̀wọ́ má fi ìkankan nínú méjèèjì ránṣẹ́ lónìí.

Gbé fáìlì rẹ jáde, kí a jọ wò ó. Ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ni o kọ sórí ínfóìsì rẹ, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 014, owó rẹ̀ jẹ́ ₦640,000, o sì fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́, èyí tó parí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Kejì. Ọjọ́ 18 oṣù náà ni déètì tó wà lórí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 19, ni ọmọ iṣẹ́ rẹ gbé e lọ, tí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ ilé-ìwé lu ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ. Nínú lẹ́tà yẹn, ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n san owó náà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí lẹ́tà bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bí o bá kà á láti ọjọ́ 19, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ 5 oṣù Kẹta, ni yóò pé. Bí o bá wá rán wọn létí lónìí, ìwọ ni yóò dà bí ẹni tó ń yẹ àdéhùn, nítorí àyè tí o fi ọwọ́ ara rẹ fún wọn kò tíì tán.

Jẹ́ kí Ọjọ́rú kọjá. Fi Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀ fún owó tó bá ń rìn lọ́wọ́ láti báńkì kan sí èkejì, kí o sì kọ ọjọ́ 7, ọjọ́ Ẹtì, sórí lẹ́tà kejì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí o tó tẹ̀ ẹ́ síta, wo ímeèlì rẹ àti álátì báńkì rẹ, torí ìránnilétí tó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó máa ń dun àwọn akápò púpọ̀, wọn kì í sì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ déètì ni mo fẹ́ kí o fọkàn sí jù. Nínú lẹ́tà rẹ, o kọ ọ́ pé, “a kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ 19.” Ọjọ́ 19 ni wọ́n gbà á, ọjọ́ 18 ló wà lórí ìwé náà. Akápò yóò ṣí fáìlì rẹ̀, yóò wá lẹ́tà ọjọ́ 19, kò ní rí i, yóò sì dá ọ lóhùn pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Kí ẹ tó yanjú ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì á ti lọ. Déètì tó wà lórí ìwé ni kí o máa fi pè é, kí o wá fi ọjọ́ tí wọ́n gbà á tẹ̀ lé e, báyìí: “lẹ́tà wa ti ọjọ́ 18 oṣù Kejì, èyí tí ilé-ìwé yín tẹ òǹtẹ̀ gbà ní ọjọ́ 19.”

O tún kọ ọ́ pé o ti kọ “ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́tà.” Lẹ́tà kan ṣoṣo ni o kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni o pè wọ́n lórí fóònù, o sì fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó ń jẹ́, tàbí kí o fi wọ́n sílẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà tí mo ti jẹ́ akọ̀wé, mo kọ ìránnilétí ìkẹta sí oníbàárà kan pé èyí ni yóò ṣe ìkẹta. Ó ní kí a fi ẹ̀rí èkejì han òun. Nígbà tí mo ṣí ìwé ńlá tí a máa ń kọ gbogbo lẹ́tà tó bá jáde sí, èkejì kò sí níbẹ̀. Inú àpótí orí tábìlì mi ló sùn sí. Ọ̀gá wa ló kọ̀wé tọrọ àforíjì, bẹ́ẹ̀ oníbàárà náà jẹ wá lówó lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọ “gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ṣáájú” láìjẹ́ pé ẹ̀dà ohun tí a sọ wà níwájú mi.

Owó náà ńkọ́? ₦640,000 ni o tún béèrè fún, bẹ́ẹ̀ ₦200,000 wọlé sí àkáǹtì rẹ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 28 oṣù Kejì. Bóyá o ti kọ lẹ́tà náà kí owó tó wọlé. Owó yẹn gan-an ni ìdáhùn wọn sí lẹ́tà rẹ: ẹni tó san díẹ̀ nínú gbèsè kò sọ pé òun kò jẹ ọ́. Dúpẹ́ rẹ̀, kí o sì yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, yọ “ẹ kò kọbi ara sí wa” kúrò nínú lẹ́tà kejì, kí o sì kọ ọ́ báyìí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí o máa ń kọ sí wọn:

“A ń tọ́ka sí ínfóìsì wa nọ́ńbà 014 ti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, àti lẹ́tà wa ti ọjọ́ 18 oṣù Kejì. A dúpẹ́ fún ₦200,000 tí ẹ san ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì. Ó ku ₦440,000. Bí ohunkóhun bá wà nínú iṣẹ́ náà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sí wa. Bí kò bá sí, a ń retí owó tó kù títí di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù Kẹta. Bí ẹ bá ti san án kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Gbólóhùn tó ní kí wọ́n sọ ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn yẹn ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá dákẹ́ lórí rẹ̀, yóò ṣòro fún wọn láti dìde lóṣù mẹ́ta òní pé ìwé kò pé iye.

Bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsí owó, kọ lẹ́tà ìkẹta ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24. Lẹ́tà ìkẹta tí o ti kọ sílẹ̀ fún wọn ní àyè di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá yìí ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 30 tàbí 31 ni Ìtúnu Ààwẹ̀ yóò bọ́ sí, ìjọba yóò sì fún gbogbo ènìyàn ní ìsinmi. Ọjọ́ tí báńkì kò ṣí kò yẹ ní ọjọ́ ìkẹyìn. Fi í sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, kí ilé-ìwé tó lọ sí ìsinmi Àjíǹde, nítorí lẹ́yìn náà o kò ní rí akápò mọ́ títí wọn yóò fi wọlé.

Jẹ́ kí ìkẹta kúrú ju èkejì lọ. Kọ déètì lẹ́tà méjèèjì tó ṣáájú sínú rẹ̀, so ẹ̀dà wọn mọ́ ọn pẹ̀lú èyí tó ní òǹtẹ̀, kọ ₦440,000, kọ ọjọ́ ìkẹyìn, kí o sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ilé-ìwé náà, nítorí ó lè jẹ́ pé akápò kò tíì fi ìkankan hàn án. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí o máa ṣe, bí o bá ní i lọ́kàn láti ṣe é lóòótọ́. Láti ọdún 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kóòtù fún ẹjọ́ gbèsè kékeré lábẹ́ àwọn Májísíréètì, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Tìrẹ wọ ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kóòtù yẹn ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ fún lẹ́tà tí a fi ń béèrè gbèsè, èyí tí o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lé ajigbèsè lọ́wọ́ kí o tó pẹjọ́, nítorí náà má rò pé ìránnilétí ìkẹta rẹ ti dípò rẹ̀. Bí o kò bá ṣetán láti lọ, má ṣe dárúkọ kóòtù rárá. Kọ ọ́ pé o kò ní tẹ ìwé tuntun fún wọn títí wọn yóò fi san èyí, torí ìyẹn wà ní ìkáwọ́ rẹ.

Fi èkejì tí o bá tún kọ ránṣẹ́ sí mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú àwòrán òǹtẹ̀ ọjọ́ 19 yẹn, kí n fi déètì wọn wé ara wọn kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ.